Ibo ni Àmì Ohùn Wa Ń Gbà Lọ? Bí Fọ́ńtì Ṣe Ń Sọnù láti Inú Word dé PDF

Ní agbègbè wa, láti Sèmè-Kpodji títí dé Àjàṣẹ́, ìwé elédè méjì kì í ṣe àjèjì. Ètò ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú àgbà, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìkéde ọdún ìbílẹ̀: apá kan a máa wà ní èdè Faransé, apá kejì a sì máa wà ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kíyè sí ohun kan. Nígbà tí ìwé bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ tí ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, apá Faransé a wà bí ó ti wà, ṣùgbọ́n apá Yorùbá a ti yí padà. Àmì ohùn á ti kúrò ní orí lẹ́tà, á ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́tà ẹ àti ọ á sanra ju àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Níbi tí ó yẹ kí ṣ wà, àpótí kékeré òfìfo ni ojú yóò rí.

Ọ̀ràn yìí kọjá ẹwà. Bí ìkéde bá sọ pé ọkọ̀ yóò gbéra ní aago méje, tí àmì orí rẹ̀ sì bọ́, ọkọ̀ ti di ọkọ. Bí ti ìsàlẹ̀ náà bá bọ́, ó di oko. Nínú ìwé ìsìnkú, orúkọ àgbà tí a kò tún ní rí mọ́ ni yóò di ohun tí ará ilé kò lè kà bí ó ti yẹ, ìwé náà ni wọn yóò sì tọ́jú fún ọdún púpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé ibi tí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ń gbà sọnù, àti bí a ṣe lè dì wọ́n mú.

Orúkọ ni Word ń gbé lọ, kì í ṣe lẹ́tà

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ìwé tí a kọ sínú Word kò gbé àwòrán lẹ́tà kankan lọ́wọ́, àfi bí a bá pàṣẹ fún un. Ohun méjì ni ó ń tọ́jú. Èkíní ni nọ́ńbà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ètò Yúníkóòdù ti pín in fún gbogbo èdè ayé. Èkejì ni orúkọ fọ́ńtì tí a yàn, bí `Charis SIL` tàbí `Times New Roman`. Fọ́ńtì fúnra rẹ̀, tí í ṣe fáìlì tí àwòrán àwọn lẹ́tà wà nínú rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé. Nígbà tí a bá ṣí ìwé, Word yóò ka orúkọ náà, yóò wá fáìlì rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò sì fi ya lẹ́tà sí ojú gíláàsì.

Bí a bá wá gbé ìwé náà lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní fọ́ńtì yẹn, Word kò ní kọ̀ láti ṣí i. Yóò mú fọ́ńtì mìíràn tí ó rò pé ó jọ ọ́, yóò fi rọ́pò rẹ̀, kò sì ní pariwo. Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé àpótí orúkọ fọ́ńtì tí ó wà ní òkè yóò ṣì máa fi `Charis SIL` hàn, nígbà tí ó jẹ́ pé fọ́ńtì mìíràn ni ojú ń rí. Orúkọ wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ kò sí nílé.

Ọ̀nà kan wà láti bi Word léèrè òtítọ́. Ẹ tẹ `Fichier`, lẹ́yìn náà `Options`, kí ẹ wọ `Options avancées`. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa fífi ohun inú ìwé hàn, ẹ ó rí bọ́tìnì kan tí a kọ `Substitution de polices` sí. Bí fọ́ńtì kan bá sọnù, Word yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì kọ orúkọ èyí tí ó fi rọ́pò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí ohun tí ó sọnù, yóò sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí tí apá Faransé fi ń là á já

Kí ló dé tí é ti Faransé kì í sọnù, tí ẹ́ tiwa fi ń sọnù? Ìdáhùn náà wà nínú nọ́ńbà. Nínú Yúníkóòdù, é ti Faransé ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, U+00E9. Ó ti pẹ́ gan-an tí ó ti wà lára àwọn lẹ́tà tí a ń lò ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, nítorí náà ó ṣòro láti rí fọ́ńtì tí kò ní àwòrán rẹ̀.

Ẹ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Yúníkóòdù fún ẹ ní nọ́ńbà, U+1EB9. Ó fún ọ ní U+1ECD. Ó fún ṣ ní U+1E63. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ tí àmì òkè wà lórí rẹ̀. A ní láti kọ ẹ, kí a sì kọ àmì òkè, U+0301, tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà ọ̀rẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni ojú rí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà márùn-ún ni kọ̀ǹpútà kà: ọ, àmì ìsàlẹ̀, r, ẹ, àmì òkè.

Àwọn tí ó ń fi álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọ Yorùbá kò bọ́ nínú rẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì tí a fi lélẹ̀ ní 1975, tí a sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti ní 2008, ń lo ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ. Nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà di ɔ̀rɛ́. Nọ́ńbà márùn-ún náà ni, nítorí pé ɔ (U+0254) àti ɛ (U+025B) náà kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó gbé àmì ohùn dání.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni fọ́ńtì gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè kọ Yorùbá dáadáa: àwòrán lẹ́tà, àwòrán àmì ohùn, àti ìtọ́ni tí ó sọ ibi pàtó tí àmì yóò dúró sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Fọ́ńtì tí kò ní ẹ̀kẹta ni ó ń jẹ́ kí àmì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó gun orí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Fọ́ńtì tí kò ní àkọ́kọ́ ni ó ń mú kí Word yá lẹ́tà ẹ láti inú fọ́ńtì mìíràn, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á wá di aṣọ alábùlẹ̀.

Ìwé olójú-ewé mẹ́jọ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, kí a sì tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀dọ́ kan ní Sèmè-Kpodji ṣe ètò ayẹyẹ olójú-ewé 8, tí a ó tẹ̀ sórí bébà A4 méjì tí a ó ká sí méjì. Ó fi `Charis SIL` kọ inú ìwé, ó sì gba fọ́ńtì ọ̀ṣọ́ kan fún àkọlé. Ó fi Word kọ ọ́, ó gbé fáìlì náà sínú fíláàṣì, ó sì lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i níbẹ̀, ohun mẹ́ta ti bàjẹ́.

Èkíní, ojú ewé 8 ti di 7. `Charis SIL` jẹ́ fọ́ńtì tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀, tí àyè tí ó fi sí àárín ìlà méjì sì pọ̀, nítorí pé a ṣe é kí àmì orí lè rí ibi dúró sí. Èyí tí Word fi rọ́pò rẹ̀ fún pọ̀ jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ojú ewé kan sí èkejì, àwòrán kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé sì wà lófìfo. Ohun tí ó fa èyí ni pé fọ́ńtì náà kò sí nínú kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé.

Èkejì, àkọlé kò yàtọ̀ sí bí ó ti rí nílé, ṣùgbọ́n nílé pàápàá kò dára: ẹ àti ọ inú rẹ̀ kò bá àwọn yòókù mu. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìrìn àjò rárá. Fọ́ńtì ọ̀ṣọ́ náà, èdè Yúróòpù nìkan ni ẹni tí ó yà á ní lọ́kàn. Kò ya ẹ, kò ya ọ. Kò sí ohun tí ìfisínú lè ṣe sí i, nítorí pé a kò lè fi ohun tí kò sí sínú ìwé.

Ẹ̀kẹta ni ó léwu jù. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé, nínú inú rere wọn, sọ ìwé náà di PDF lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ padà fún àyẹ̀wò. Ó rò pé nígbà tí ó bá ṣí PDF náà nílé, níbi tí fọ́ńtì wà, ohun gbogbo yóò padà sípò. Kò padà. PDF ti gbá ohun tí Word ń rí ní àkókò náà mú, fọ́ńtì àrọ́pò ni Word sì ń rí. Láti ìgbà náà lọ, àrọ́pò ni yóò máa jẹ́ níbi gbogbo.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí ni òfin àkọ́kọ́ ti jáde wá: orí kọ̀ǹpútà tí fọ́ńtì ń gbé ni kí a ti ṣe PDF, kì í ṣe orí èyí tí a ń gbé ìwé lọ bá.

Ohun tí ìfisínú ń ṣe

Ilé iṣẹ́ Adóbè ni ó gbé PDF jáde ní 1993. Ní 2008 ni ó di ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní ISO 32000-1. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí ìwé lè rí bákan náà lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìlérí náà dúró lórí ohun kan: kí àwòrán lẹ́tà wà nínú fáìlì pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Èyí ni a ń pè ní ìfisínú fọ́ńtì.

Bí a bá fi fọ́ńtì sínú PDF, kọ̀ǹpútà tí ó bá ṣí i kò ní wá ohunkóhun nínú àpò ara rẹ̀. Oúnjẹ àti àwo ni ìwé náà gbé wá. Bí a kò bá fi í sínú rẹ̀, orúkọ fọ́ńtì àti ìbú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nìkan ni PDF gbé dání. `Adobe Reader` yóò wá mú fọ́ńtì àdìpọ̀ kan, bí `Adobe Sans MM` tàbí `Adobe Serif MM`, yóò nà án tàbí kí ó fún un kí ó lè bá ìbú náà mu. Ọ̀rọ̀ Faransé lè ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Fún Yorùbá, ibí yìí ni àpótí òfìfo ti ń wá.

Kì í sábà jẹ́ gbogbo fọ́ńtì ni ó ń wọlé. Àwọn lẹ́tà tí a lò nínú ìwé nìkan ni Word máa ń kó, kí fáìlì má baà tóbi. Nítorí náà ni orúkọ fọ́ńtì inú PDF fi máa ń ní lẹ́tà ńlá mẹ́fà àti àmì àròpọ̀ níwájú, bí `BCDEEE+CharisSIL`. Àmì náà ń sọ pé ìpín kan lára fọ́ńtì ni ó wà níbí. Ìyẹn náà ni kò fi rọrùn fún ẹlòmíràn láti tún ọ̀rọ̀ kọ sínú PDF: bí lẹ́tà tí ó fẹ́ fi kún un kò bá sí nínú ìpín náà, kò ní rí i lò.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kí a tó kọ ìlà kan, ẹ jẹ́ kí a yan fọ́ńtì tí ó mọ Yorùbá. Àjọ SIL ní `Charis SIL`, `Doulos SIL` àti `Gentium`, tí wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àyè láti fi í sínú ìwé èyíkéyìí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ, ọ, ṣ, ɛ, ɔ, àti ìtọ́ni ibi tí àmì yóò dúró sí. Kí ẹ tó gba fọ́ńtì mìíràn, ẹ fi í kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ní títóbi: ọ̀rẹ́, ẹ̀ṣẹ́, ɔ̀rɛ́, ńlá. Bí lẹ́tà kan bá sanra jù, tàbí tí àmì kan bá yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi fọ́ńtì náà sílẹ̀ fún Faransé.

Bí ìwé bá ti parí, tí kò sí àtúnṣe mọ́, PDF ni kí ẹ ṣe nílé. Ẹ tẹ `Fichier`, `Exporter`, `Créer un document PDF/XPS`. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, ẹ ṣí `Options` tí ó wà nínú fèrèsé náà, kí ẹ sì fi àmì sínú àpótí tí a kọ `PDF/A` sí. PDF/A ni irú PDF tí a ṣe fún ìtọ́jú ìwé fún ìgbà pípẹ́. Ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́, ISO 19005-1, jáde ní 2005, ó sì pa á láṣẹ pé gbogbo fọ́ńtì tí a lò gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì. Láìsí àmì yìí, àwọn fọ́ńtì tí ó wọ́pọ̀ bí `Arial` lè ṣẹ́ kù sí ìta nígbà mìíràn, nítorí pé Word gbà pé gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ṣì ní láti tún ìwé náà ṣe, Word fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi fọ́ńtì sínú rẹ̀. Ẹ tẹ `Fichier`, `Options`, `Enregistrement`, kí ẹ sì fi àmì sí `Incorporer les polices dans le fichier`. Àpótí méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó sọ pé kí a fi kìkì lẹ́tà tí a lò sínú ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ láìní àmì, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lè rí lẹ́tà tuntun lò. Èyí tí ó sọ pé kí a má ṣe fi àwọn fọ́ńtì tí ó wọ́pọ̀ sínú rẹ̀, ẹ lè fi àmì sí i bí ẹ bá mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kejì kò yàtọ̀ sí tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìwé náà fi pamọ́; bí ẹ kò bá fi í pamọ́, àṣẹ náà kò tíì ṣiṣẹ́. Fáìlì yóò tóbi sí i, ìyẹn sì ni ẹ̀rí pé fọ́ńtì ti wọlé.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ti wọlé

Kí ẹ má ṣe gba ojú gbọ́ lórí kọ̀ǹpútà yín, nítorí pé fọ́ńtì wà níbẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé ohun gbogbo pé. Ẹ fi `Adobe Reader` ṣí PDF, ẹ tẹ `Ctrl+D`, kí ẹ sì wo abala `Polices`. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fọ́ńtì kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ẹ rí ọ̀rọ̀ Faransé tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `incorpor`, tàbí `Embedded` bí ẹ̀rọ yín bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Fọ́ńtì tí kò bá ní i, kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi àṣẹ ṣiṣẹ́ lè lo `pdffonts`, tí ó wà nínú àkójọ `poppler`:

```
pdffonts eto.pdf
```

Irú èsì tí yóò mú wá nìyí. A ti gé òpó mélòó kan kúrò kí ó lè rọrùn láti kà:

```
name              type          emb  sub  uni
BCDEEE+CharisSIL  CID TrueType  yes  yes  yes
ArialMT           TrueType      no   no   no
```

`emb` ń sọ bóyá fọ́ńtì wà nínú ìwé, `sub` ń sọ bóyá ìpín kan ni, `uni` sì ń sọ bóyá PDF rántí nọ́ńbà Yúníkóòdù lẹ́tà náà. Nínú èsì yìí, `Charis SIL` ti wọlé. `Arial` ṣẹ́ kù sí ìta. Ẹ padà sínú Word, ẹ wá ibi tí `Arial` fara pa mọ́ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà ojú ewé tàbí àlàfo tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ni.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìfisínú náà kò sì wo gbogbo àìsàn. Àwọn fọ́ńtì kan wà tí ẹni tí ó ṣe wọ́n kọ̀wé sínú wọn pé a kò gbọdọ̀ fi wọ́n sínú ìwé; Word a máa gbọ́ràn. Nínú `Options` PDF, àpótí kan ń sọ pé kí Word ya irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí àwòrán. Ojú yóò rí i dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tàbí kí ó dà á kọ. Ó sàn kí a pààrọ̀ fọ́ńtì.

Èkejì ni ìwé àtijọ́. Kí Yúníkóòdù tó gbilẹ̀, àwọn kan ṣe fọ́ńtì tí ó ya ẹ sí ipò nọ́ńbà àmì mìíràn, bí àmì ìdá ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú fọ́ńtì náà, ojú rí ẹ. Láìsí i, ojú rí %. Bí a bá fi irú fọ́ńtì bẹ́ẹ̀ sínú PDF, ojú yóò tún rí ẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá ẹ̀kọ́ nínú ìwé náà kò ní rí i, nítorí pé %̀kọ́ ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò sí nínú PDF. Nínú Word ni kí a ti lo `Ctrl+H`, kí a fi ẹ tòótọ́ rọ́pò àmì kọ̀ọ̀kan, kí a sì yí fọ́ńtì padà lẹ́yìn náà. Ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà kejì, kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ibi tí % jẹ́ % ní tòótọ́.

Bí PDF bá ti wà lọ́wọ́, ẹ fi í ránṣẹ́ sí fóònù ẹnì kan tí kò ní fọ́ńtì yín, kí ó ka ojú ewé tí orúkọ ènìyàn pọ̀ sí jù sókè fún yín. Bí ó bá ka gbogbo orúkọ náà láìdúró, ẹ lè gbé e lọ tẹ̀.